Lẹ́tà tí kò ní fàyè gba "ẹ pa á, ẹ tún un tàn"

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, Akobo n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni mò ń kọ́ lórí Súùmù lálaalẹ́. Fáíbà 50 Mbps ni mò ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ohùn mi ń já, àwòrán mi á sì dúró gbagidi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe kọ́sítọ́mà kíà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Mà, ẹ pa ráútà yín, ẹ tún un tàn." Báwo ni mo ṣe lè kọ lẹ́tà tí wọ́n á kà, kí n fi ẹ̀rí sí i, kí wọ́n sì rán ẹnjiníà wá?*

Ẹ kú làálàá, mà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gun òpó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tó dá dúró, mo sì tún jókòó sí ọ́fíìsì wọn fúngbà díẹ̀, níbi tí irú lẹ́tà yìí ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọmọ tó ń gba lẹ́tà kì í wo bí inú ṣe ń bí yín tó. Ó níye lẹ́tà tó gbọ́dọ̀ dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àyè kan wà tó ti gbọ́dọ̀ mú ohun kan: ṣé owó oṣù ló tán, ṣé dátà ni, ṣé wáìfáì ni, ṣé ráútà ni, àbí láìnì fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà bá kàn sọ pé "íńtánẹ́ẹ̀tì mi ò sáré rárá, ẹ̀ ń fìyà jẹ mí", wáìfáì ló máa mú, torí pé wáìfáì ló sábà máa ń jẹ́. Ìdáhùn wáìfáì sì ti wà ní kíkọ sílẹ̀, á kàn tẹ̀ ẹ́ ni: ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Tíkẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń tọpa ẹjọ́ yín, ti pa dé nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó lè mú, láìnì nìkan ló ń mú kí ọkọ̀ jáde kí ènìyàn gbé àkàbà.

Iṣẹ́ lẹ́tà yín, mà, ni láti ti ilẹ̀kùn owó, ti dátà, ti wáìfáì, ti ráútà, kó má ku ibòmíì tí ọmọ náà lè yà sí ju láìnì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta dán an wò kí n tó dá yín lóhùn. Ẹ ṣeun tí ẹ ò bínú. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ ni màá fi ṣàlàyé fún gbogbo wa.

Ẹ wò ó bí ẹni tó ń ti Akobo lọ sí Èkó. Ó kọ́kọ́ jáde nínú àdúgbò, ó gba títì Akobo bọ́ síta, lẹ́yìn náà ló tó wọ ọ̀nà márosẹ̀. Bí ó bá pẹ́ dé Èkó, pípẹ́ yẹn nìkan ò sọ ibi tó ti há fún wa. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí nìyẹn: láti kọ̀ǹpútà yín dé ráútà, inú àdúgbò nìyẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín. Láti ráútà dé ibùdó ilé iṣẹ́ náà, títì nìyẹn, àwọn ló ni ín, ibẹ̀ ni ẹnjiníà lè tún ṣe. Láti ibùdó wọn lọ sí ayé, ọ̀nà márosẹ̀ nìyẹn, ẹnjiníà tó gun òpó ní Akobo ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn kan ń kọ̀wé pé kí a wá wo ráútà àwọn. Kí ni a fẹ́ wá wò?

Tí ẹ bá fi fóònù ṣe Speedtest, ìdánwò bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré tó, látinú yàrá, ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé ẹ pẹ́ dé Èkó. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Mọ́kọ́lá tó fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bú wa dáadáa, wọ́n sì rán mi lọ. Ẹ̀yìn fíríìjì ni ráútà wà. Mo fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, 29 nínú 30 ló gbé wá. Mo gbé ráútà sórí fíríìjì, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn bá kọ̀wé, wọ́n á rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí láìnì rẹ̀ wá bàjẹ́ lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró.

Torí náà wáyà ni. Wáyà ráútà tó ní orí onígun mẹ́rin onípílásítíìkì, èyí tó máa ń wà nínú páálí ráútà tí ẹnikẹ́ni kì í lò, ẹ ki orí rẹ̀ kan bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ ki orí kejì bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára ráútà. Ẹ pa wáìfáì láptọ́ọ̀pù. Ẹ pa wáìfáì ráútà pẹ̀lú, kí tẹlifíṣàn àti fóònù àwọn ọmọ má bàa máa jẹ nínú rẹ̀ lẹ́yìn yín. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń gba àtúnṣe Windows lọ́wọ́, ẹ dúró kó tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe Speedtest: láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibùdó ìdánwò kan náà, èyí tí Speedtest ń pè ní Server, ni kí ẹ yàn nígbà gbogbo, kó sì wà ní Nàìjíríà. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ yín bá wà nínú àwọn tó tò síbẹ̀, òun ni kí ẹ mú, kí wọ́n má bàa sọ pé ojú ọ̀nà ẹlòmíì ni ẹ ti há. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà pátá, kì í ṣe àárín rẹ̀ nìkan, kí déètì àti aago tó wà nísàlẹ̀ hàn.

Ohun kan ń da ọ̀pọ̀ láàmú níbí. Pláànù yín, Mbps ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bíìtì ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wa fáìlì, MB/s ni kọ̀ǹpútà ń kọ, báìtì nìyẹn. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Nítorí náà, 50 Mbps ò lè ju 6.25 MB/s lọ. Mo ti rí lẹ́tà tí ẹnìkan fi kọ ọ́ gàdàgbà pé "ẹ pè é ní 50, 6 ni mò ń rí". Ohun tó rà gan-an ló ń rí.

Ilẹ̀kùn owó àti dátà kò gbà wá lákòókò. Ẹ wọ ojú ewé àkáǹtì yín, ẹ ya àwòrán ibi tó ti hàn pé ẹ ti san owó oṣù yìí, àti iye dátà tí ẹ ti lò. Ọ̀pọ̀ pláànù tí wọ́n ń pè ní aláìlópin ló lópin: tí ẹ bá lò ó kọjá iye kan lóṣù, wọ́n á rọra fa ìjánu. Tiyín, 500 GB ni ìwé àdéhùn sọ, ẹ ò sì tíì lò ju 140 lọ. Ẹ fi í sínú lẹ́tà, gbólóhùn kan ti tó.

Lẹ́yìn Speedtest, mo ní kí ẹ tẹ àwọn méjì yìí sínú fèrèsé dúdú tí Windows ń pè ní Command Prompt:

```
ping -n 100 192.168.1.1
ping -n 100 8.8.8.8
```

Bí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lábẹ́ ráútà yín bá yàtọ̀ sí 192.168.1.1, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Èkíní ń kan ilẹ̀kùn ráútà yín nígbà ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ka iye ìgbà tí ráútà jẹ́ ẹ. Èkejì ń ṣe bákan náà sí ibùdó Google kan tó wà níta. (Ẹni tó ń lo Mac, `-c` ni kó fi rọ́pò `-n`.) Nísàlẹ̀, ẹ wo ibi tó kọ Lost sí. Bí èkíní bá jẹ́ `Lost = 0`, àdúgbò mọ́, kò sí ohun tó ń sọnù láàárín kọ̀ǹpútà àti ráútà. Bí èkejì bá wá sọ 5 nù nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ti mọ̀ pé lẹ́yìn ráútà ni nǹkan ti ń jábọ́. Ohun tó sì ń já ohùn yín lórí Súùmù nìyẹn gan-an, ó ju àìsáré lọ. Kíláàsì Súùmù kan ò nílò ju Mbps mẹ́ta mẹ́rin lọ, 11 tó jẹ́ ìpíndọ́gba ìdánwò yín ì bá ti tó o. Ṣùgbọ́n ohùn kì í lè padà lọ gbé ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àmì ohùn òkè" á kúrò lẹ́nu yín, "àmì… òkè" ló máa dé etí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni àwọn oníbàárà kì í sábà mọ̀ pé àwọn lè kà fúnra wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni fáíbà ń gbé. Àpótí kékeré tí okùn fáíbà wọ̀ nílé yín ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ yí àpótí náà, ẹ wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀: àdírẹ́ẹ̀sì bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.100.1 wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ẹ máa ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sí nínú Chrome, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Optical sí, ẹ wo ìlà tó ń jẹ́ `RX Optical Power`. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ló máa wà níbẹ̀, dBm ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà. Bó bá ṣe ń jìnnà sí òdo ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, torí náà -28 burú ju -20 lọ. Ìgbàkígbà tó bá fi 3 sọ̀kalẹ̀, ìlàjì ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fún irú fáíbà tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, GPON oníkíláàsì B+, -27 ni ààlà tí àpótí náà ti lè ríran dáadáa. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó ń táràrà ni: ó ń rí òmíì, ó ń pàdánù òmíì. Gbogbo ohun tó bá pàdánù ni wọ́n máa tún fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ á sì rò pé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà, á dẹwọ́ eré. Bí 50 ṣe ń di 11 nìyẹn, láìjẹ́ pé iná kankan kú lójú ráútà. Nígbà míì iná tí wọ́n kọ LOS sí á kàn ṣẹ́ pupa lẹ́ẹ̀kan, á tún kú.

Tiyín, mà, -28.1 ni. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni ìwé tí ẹ yọ nínú dúrọ́ọ̀, ìwé tí àwọn tó fa fáíbà wọlé fún yín buwọ́ lù lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ń kọ iye ìmọ́lẹ̀ tó bá nílé síbẹ̀, -20.1 ló sì kọ. Láti 20 sí 28, mẹ́jọ ti lọ, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ yín báyìí ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ọmọ kọ́sítọ́mà kíà tó lè fi wáìfáì dáhùn ìyẹn. Ìwé àwọn fúnra wọn ló ń tako wọn.

Ẹ ti tọ okùn náà látorí àpótí dé ojú fèrèsé bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe, ẹ ní kò há mọ́ ẹsẹ̀ àga, kò sì ká ju bó ṣe yẹ lọ. (Ìdíwọ̀n tèmi ni ẹnu ife tíì: kí okùn fáíbà má ká kéré jù ú lọ.) Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má yọ orí rẹ̀ kúrò lára àpótí láti nù ún, ẹ má sì yọjú wo ẹnu rẹ̀ láé. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn sójú, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ sọ pé òpó iwájú ilé fì díẹ̀ látìgbà ìjì òjò ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ibẹ̀ ni mo fura sí, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ìfura sínú lẹ́tà bí ẹni pé ẹ rí i dájú. Ẹ kàn sọ pé òpó fì, àti ọjọ́ tó fì. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni kó so ó pọ̀.

Kí a tó kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ ká wo aago, torí òun ló ń sọ ohun tí ẹ máa béèrè. Láàárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ rí 13, 11, 14. Lọ́sàn-án, 12, 9, 12. Lálẹ́, 10, 8, 11. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n kò sígbà tó dáa. Àìsàn tí kò mọ àárọ̀ tí kò mọ alẹ́, láìnì ló sábà máa ń wà, ẹnjiníà sì lè wò ó sàn. Ká ní 48 ni ẹ ń rí láàárọ̀, tó wá di 8 láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì wà ní -20, ẹjọ́ míì nìyẹn. Wọ́n ti ta ojú ọ̀nà kan náà fún èrò tó pọ̀ jù, gbogbo àdúgbò ló ń padà dé láti ibi iṣẹ́, iná dé, wọ́n tan fíìmù. Tí ẹ bá ní kí ẹnjiníà wá nírú ìyẹn, aago mọ́kànlá àárọ̀ ló máa dé, á rí 48, á ní "Mà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa", ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ̀bi. Àwọn tó ń mójú tó ibùdó ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ, ohun tó sì máa béèrè ni kí wọ́n fẹ ọ̀nà tàbí kí wọ́n dín owó. Mo ń sọ ọ́ torí pé ọ̀pọ̀ tó bá ka èyí, tiwọn ni ìyẹn, kì í ṣe tiyín. Àwọn tó ń lo ráútà oní-símù náà, tiwọn tún yàtọ̀. Máàsìtì, òpó gíga tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni kí wọ́n lọ máa bá jà.

Lẹ́tà náà nìyí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ torí pé Yorùbá ni à ń sọ níbí. Tí ẹ bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́, ẹ má da ètò rẹ̀ rú: ohun tí ẹ fẹ́ ló wà lókè, ẹ̀rí tẹ̀lé e, ọjọ́ àti aago ló parí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju ojú ìwé kan lọ.

> Àkọlé: Fáíbà tó ń falẹ̀, ìmọ́lẹ̀ -28.1 dBm, mo ń béèrè fún ẹnjiníà. Nọ́ńbà oníbàárà: (nọ́ńbà yín)
>
> Sí Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
>
> Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹnjiníà fáíbà wá sí ilé mi ní Akobo, Ìbàdàn. Láti ọjọ́ 3 oṣù yìí ni láìnì mi ti ń falẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. 50 Mbps ni pláànù mi. Nínú ìdánwò mẹ́sàn-án tí mo ṣe láàárín ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10, ìpíndọ́gba ohun tó ń wọlé jẹ́ 11 Mbps. Èyí tó ga jù jẹ́ 14, èyí tó kéré jù jẹ́ 8.
>
> Wáyà ni mo fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, mo pa wáìfáì, kò sì sí ẹ̀rọ míì lórí rẹ̀. Láti kọ̀ǹpútà dé ráútà, kò sí ohun tó nù nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ síta, 7, 5 àti 9 ló nù nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
>
> Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé àpótí mi lónìí jẹ́ -28.1 dBm. Lọ́jọ́ tí ẹ fa fáíbà wọlé, ẹnjiníà yín kọ -20.1 dBm sílẹ̀. Ẹ lè kà á láti ọ́fíìsì yín kí ẹ tó rán ènìyàn. Okùn inú ilé kò ká, kò sì há. Òpó iwájú ilé ti fì láti ọjọ́ 2 oṣù yìí.
>
> Mo ti san owó oṣù yìí. 140 GB ni mo ti lò nínú 500. Mo ti pa ráútà, mo sì ti tún un tàn, lẹ́ẹ̀mẹrin, bí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ní kí n ṣe. Kò yí padà.
>
> Mo wà nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago 9 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ dání, àti ẹ̀rọ tí a fi ń so fáíbà. Ẹ fi nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ tí ẹ yàn ránṣẹ́ sí mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì.
>
> Èmi ni,
> (orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì)

Ẹ wo àkọlé yẹn dáadáa. Ọmọ tó ń ka lẹ́tà lè má ṣí i ní wákàtí méjì, ṣùgbọ́n àkọlé wà lójú rẹ̀. "-28.1 dBm" ò jọ ohun tí oníbàárà máa ń kọ, ó jọ ohun tí ẹnjiníà máa ń kọ, ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn "mo ti pa á, mo ti tún un tàn" náà ní ìdí tó fi wà níbẹ̀: ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ẹ ó rí i pé mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíláàsì yín ń bàjẹ́, pé àwọn òbí ti ń ráhùn. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló dùn yín jù. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dá lára owó oṣù yìí padà, ẹ dá lẹ́tà tìrẹ kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún láìnì ṣe tán. Ẹ̀ka míì ló ń bójú tó owó, tí ẹ bá sì da méjèèjì pọ̀, lẹ́tà á máa rìn kiri láti tábìlì dé tábìlì, kò ní sí ẹni tó máa pe ẹnjiníà.

Ẹ̀rí yín, PDF kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Àwòrán mẹ́tàdínlógún tí wọ́n so mọ́ ímeèlì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ wọn jẹ́ `IMG_4471`, `IMG_4472`, kò sẹ́ni tó ń ṣí ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Ẹ kó wọn sínú fáìlì kan, kí àwòrán ìmọ́lẹ̀ àti ìwé ọjọ́ tí wọ́n fa fáíbà wọlé kọjú síra wọn lójú ewé kìíní. Speedtest mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tẹ̀lé e, ping tẹ̀lé e, àkáǹtì ló kẹ́yìn. Ẹ pa ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà rẹ́ kúrò nínú àwòrán tó bá ti hàn. Orúkọ fáìlì náà, nọ́ńbà oníbàárà yín ni kí ó jẹ́. Ímeèlì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe Wásáàpù nìkan, nítorí ímeèlì máa ń bí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi ṣọ́ra yín. Bí ọjọ́ tí ẹ dá fún wọn bá kọjá, orí ímeèlì kan náà ni kí ẹ ti dáhùn, kí tíkẹ́ẹ̀tì má di méjì. Bí wọ́n bá ní àwọn ti yanjú rẹ̀ láìsí ẹni tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ka ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ya àwòrán, ẹ fi gbólóhùn kan ránṣẹ́: "Ó ṣì wà ní -28.1, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣí." Tí kò bá tún sí ìdáhùn gidi, NCC ló kàn, àjọ tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. 622 ni nọ́ńbà wọn, ọ̀fẹ́ ni pípè é. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, ohun kejì ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dárúkọ NCC nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó máa ń sọ lẹ́tà di ẹjọ́ agbẹjọ́rò, wọ́n á sì gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun òpó.

Lọ́jọ́ tí ẹnjiníà bá dé, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì dúró tì í. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ní kó ka ìmọ́lẹ̀ fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè kàn nu orí okùn, kó sì dé -26.5. Speedtest á fò lọ sí 47 lójú yín, inú yín á dùn. Ẹ má gbà. -26.5 ṣì wà létí ààlà, òjò kan péré ló kù kó padà sí ibi tó wà. Ẹ fi ìwé ọjọ́sí hàn án, ẹ ní: "Ọmọ mi, 20 ni ẹ gbé e fún mi, kí ló dé tó fi di 26?" Tó bá jẹ́ ọmọ dáadáa, á gbé àkàbà rẹ̀, á lọ síbi òpó. Ìgbà tó bá dé -21 tàbí -22 ni ẹ tó lè sọ pé ó jọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Á gbé ìwé fún yín láti buwọ́ lù pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí ẹ kọ nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ tuntun síbẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya àwòrán ìwé náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣáájú kíláàsì, ẹ tún fi wáyà so ó, ẹ ṣe ping sí 8.8.8.8 nígbà ọgọ́rùn-ún. Bí ohun tó nù bá jẹ́ òdo tàbí ẹyọ kan, ẹ fèsì sí ímeèlì tíkẹ́ẹ̀tì náà pé ó ti dáa, kí ẹ sì fi -20.1 àti nọ́ńbà tuntun náà sínú dúrọ́ọ̀ kan náà.